Gbígbé Ọ̀nà Ìkòròdú Sórí Ẹ̀rọ Ìsáré: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìgòkè Sá Ìṣẹ́jú 90 Láìsú Yín

Ẹni tó bá ń sáré ní Ìkòròdú mọ ohun tó ń lé èèyàn wọ jíìmù. Nígbà òjò, omi máa ń bo ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Èkó ní ìdájí kì í rí ìmọ́lẹ̀ tó lè fi sáré, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ọ̀nà Ṣàgámù kì í sì í yà fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìsáré, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tírẹ́dímìlì, ṣe di títì fún wọn nìyẹn. Ẹjọ́ méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mò ń kọ́. Èkíní ni pé eré orí ẹ̀rọ rọrùn ju ti títì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá padà sí títì, ẹsẹ̀ á wúwo. Èkejì ni pé wákàtí kan àbọ̀ níwájú ògiri ń sú èèyàn dé ọkàn. Bọ́tìnì kan náà ló ń tán ẹjọ́ méjèèjì: INCLINE, èyí tó ń gbé iwájú ẹ̀rọ sókè. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ ṣe lè fi í gbé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ sórí ẹ̀rọ, kí agbára tí ẹ ń lò níbẹ̀ lè bá ti ìta dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó mú kí ti orí ẹ̀rọ rọrùn

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bẹ́líìtì ló ń fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn, pé àwọn kàn ń gbé ẹsẹ̀ sókè ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ń lọ déédéé láìyí ìyára padà, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe lórí ilẹ̀. Atẹ́gùn ló kù. Ní títì, ẹ ń fi àyà la atẹ́gùn kọjá; lórí ẹ̀rọ, ojú kan lẹ wà, kò sí atẹ́gùn tí ẹ ń là. Bí eré bá ṣe yára tó ni atẹ́gùn yìí ṣe ń gba agbára tó.

Ní ọdún 1996, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andrew Jones àti Jonathan Doust, wọn afẹ́fẹ́ tí àwọn sárésáré ń lò lórí ẹ̀rọ àti lórí títì. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sókè ní pásẹ́ǹtì 1, ó bá ti títì mu jù lọ. Ibẹ̀ ni àṣà "ẹ fi í sí 1" ti jáde, tí gbogbo jíìmù fi ń sọ ọ́. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé ìyára tí wọ́n fi dán an wò bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà 10.5 ní wákàtí kan, ó sì lọ dé 18. Eré àwọn tó mọ eré sá ni. Ẹni tó ń sá 8 tàbí 9 kò tíì bá atẹ́gùn jà débi tó máa nílò àfikún. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí kò bá tíì tó 10.5 fi ibi tó tẹ́jú sí 0, kí ẹni tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ fi í sí 1. Ohun tó sọnù gan-an fún àwọn tó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ ni òkè. Títì Ìkòròdú kò tẹ́ bí ẹní. Láti etí ọ̀sà ní Ẹ̀bútè wá sí inú ìlú, ṣe lèèyàn ń gòkè. Ẹni tó bá fi oṣù kan sá 0 lórí ẹ̀rọ ti gbàgbé òkè nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ẹ̀rọ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́

Pásẹ́ǹtì 1 túmọ̀ sí pé bí ẹ bá lọ síwájú ní mítà 100, ẹ gòkè ní mítà 1. Àmọ́ nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, pàápàá àwọn ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń rà sílé, kì í ṣe pásẹ́ǹtì nígbà gbogbo. Nínú àwọn kan, 5 kàn jẹ́ ipele karùn-ún ni.

Téèpù lẹ máa fi wádìí. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú; ohun èlò tí bíríkìlà fi ń mọ ibi tó tẹ́ dáa fún un. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi méjì lára etí pátákó ẹ̀rọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí sẹ̀ǹtímítà 100 wà láàárín wọn. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí 0, ẹ wọn gíga àmì kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀. Bí ti iwájú bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga ju ti ẹ̀yìn lọ, 0 tiyín jẹ́ pásẹ́ǹtì 1 gangan, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rántí rẹ̀. Ẹ wá gbé e sí 2, sí 4, sí 6, kí ẹ wọn ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ gíga tí ẹ bá rí ní sẹ̀ǹtímítà, òun ni pásẹ́ǹtì. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ìyára náà lè parọ́, pàápàá bí bẹ́líìtì bá ti gbó. Ẹ wọn gígùn bẹ́líìtì yípo, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Kí ẹnì kan máa sáré lórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn ka ìgbà 20 tí àmì náà kọjá, kó sì fi aago fóònù wo ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Ká ní bẹ́líìtì gùn ní mítà 2.8, ìgbà 20 jẹ́ mítà 56. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 21, ẹ pín 56 sí ọ̀nà 21, kí ẹ fi 3.6 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀: kìlómítà 9.6 ní wákàtí ni. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń pè é ní 10, ẹ ti mọ iye tó ń fi kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ọ̀nà yín

Ẹ sá ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú fóònù tó ń gba jíjìn àti gíga sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ọ̀nà náà sí apá: ibi tó tẹ́, ibi tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ibi tó ga fùú. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi jíjìn pín gíga. Bí ilẹ̀ bá fi mítà 10 gòkè láàárín mítà 500, pásẹ́ǹtì 2 ni.

Ẹ má ṣe wọn apá tó kúrú jù. Gíga tí fóònù ń sọ lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà. Bí ó bá fi mítà 3 ṣìnà láàárín mítà 50, ó ti fi pásẹ́ǹtì 6 tàn yín jẹ. Bí ó bá jẹ́ láàárín mítà 500, àṣìṣe náà kò tó pásẹ́ǹtì 1. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń pe òkè kékeré kan ní pásẹ́ǹtì 12 nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí fóònù àti ẹsẹ̀ bá ta ko ara wọn, ẹsẹ̀ ni mo máa ń gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dín ìyára kù bí ẹ ṣe ń gòkè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sókè, wọ́n á sì fi ìyára sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní títì, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òkè bá dé, ara fúnra rẹ̀ á rọ eré. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ó yẹ kó rọ̀ ọ́, ọwọ́ yín ló máa ṣe é.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹgbẹ́ ACSM, ń lò fún eré sísá fi hàn pé pásẹ́ǹtì ìgòkè kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 4.5 kún iṣẹ́ eré náà. Nítorí náà:

```
ìyára lórí òkè = ìyára ibi tó tẹ́ ÷ (1 + 0.045 × ìgòkè)
```

Ẹ jẹ́ ká fi ti tíṣà kan tí mò ń kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwé girama ló ti ń kọ́ni, gbogbo wa sì ń pè é ní Àǹtí. Ìyára tó lè fi sáré ní títì tó tẹ́, kó ṣì máa sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìmí gúlegúle, ni 8.5. Ní pásẹ́ǹtì 2, a pín 8.5 sí 1.09, ó di 7.8. Ní pásẹ́ǹtì 4, a pín in sí 1.18, ó di 7.2. Ní pásẹ́ǹtì 6, ó di 6.7. Agbára kan náà ló ń lò ní gbogbo rẹ̀. Ká ní ó fi 8.5 sílẹ̀ ní pásẹ́ǹtì 6, ńṣe ni ì bá dà bíi pé ó ń sá 10.8 ní ibi tó tẹ́, kò sì ní pẹ́ tí èémí á fi já.

Ìdiwọ̀n lásán ni ìṣirò yìí. Ó lè ga díẹ̀ fún ẹnì kan, kó sì relẹ̀ díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Gbólóhùn tí ẹ lè sọ délẹ̀ ni ẹ fi máa tún un ṣe: bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín lórí òkè nígbà tí kò já ní ibi tó tẹ́, ẹ yọ 0.2 kúrò. Ẹ sì má fi í fún ìrìn. Nínú ìrìn, òkè wúwo gan-an: pásẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 18 kún iṣẹ́ náà, ìlọ́po mẹ́rin ti eré sísá. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó sáré lè fi ìrìn lórí òkè làágùn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù níbí, ó sì ká mi lára. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ lára irin iwájú. Ẹni tó bá di irin mú tó sì fara tì í sẹ́yìn ti gbé òkè náà lé ọwọ́ lọ́wọ́. Ojú ẹ̀rọ á máa ka pásẹ́ǹtì 8, ẹsẹ̀ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sáré láìdi irin mú, òkè yẹn ti ga jù fún yín lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣẹ́jú 90 Àǹtí

Ọ̀nà tí Àǹtí ń sá láti àdúgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀sà, ó sì tún gòkè padà. Nígbà tí a kà á, apá tó gùn ń lọ sí bíi pásẹ́ǹtì 2, apá kúkúrú kan sì ga tó 4. Bí a ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ rèé.

Ó fi ìṣẹ́jú 4 rìn ní 5.5, ó fi ìṣẹ́jú 6 sá wọ́ọ́rọ́ ní 7.5, gbogbo rẹ̀ ní 0. Ìṣẹ́jú 10 ti pé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ oníṣẹ́jú 12: ìṣẹ́jú 5 ní 8.5 lórí 0. Ìṣẹ́jú 4 ní 7.8 lórí pásẹ́ǹtì 2. Ìṣẹ́jú 2 ní 7.2 lórí pásẹ́ǹtì 4. Ìṣẹ́jú 1 ìrìn ní 5.5 lórí 0, níbi tó ti ń mu omi. Ó ṣe ọ̀wọ́ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìyẹn ìṣẹ́jú 72. Ó fi ìṣẹ́jú 8 rìn ní 5 láti tutù. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, kìlómítà 11 àti díẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ yín ń gbà ju ìṣẹ́jú 60 lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí wákàtí kan bá pé. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìdúró náà sí òpin ọ̀wọ́ kẹrin, tó bọ́ sí ìṣẹ́jú 58, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ń mu omi.

Kí ó má baà súni

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí a tó lo ọ̀wọ́ yìí, Àǹtí sọ fún mi pé, "Kóòṣì, aago inú ẹ̀rọ yìí kì í rìn." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń wo ìṣẹ́jú 90 tó ń dín kù ní àáyá kọ̀ọ̀kan kò lè rí i kó kúrú. Ohun tó yí i padà ni pé kò sí ìṣẹ́jú 90 mọ́. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2. Ọwọ́ rẹ̀ ń kan bọ́tìnì, èémí rẹ̀ ń yí, iṣan ẹsẹ̀ tó ń lò ní òkè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ń lò ní ibi tó tẹ́. Ara tó ń gba iṣẹ́ tuntun kì í ráyè ro ògiri.

Ẹ fi aṣọ ìnura bo ojú ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí i kìkì nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí nọ́ńbà. Fóònù lè máa dún ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan kí ẹ má baà máa yọjú wò ó. Ẹ sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ibi tí ẹ mọ̀ lójú ọ̀nà yín. Àǹtí kì í sọ pé òun wà ní ọ̀wọ́ kẹta. Orúkọ ìyá aláàkàrà kan tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ló fi ń pè é, ó sì mọ̀ pé òkè ló kàn lẹ́yìn ibẹ̀.

Orin ńkọ́? Àwo jùjú àti fújì àtijọ́ dára jù fún iṣẹ́ yìí ju orin ìwòyí lọ, èmi ò sì ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Orin ìwòyí tí kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ á máa já èèyàn ní gbogbo ìgbà. Ojú kan àwo àtijọ́ lè lọ tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró, ìlù á wọlé, gìtá á gbà á, wọ́n á ki ẹni tí wọ́n fẹ́ kì, ẹsẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ fi orin sílẹ̀ di ọ̀wọ́ kẹta. Ọ̀wọ́ méjì àkọ́kọ́, ara ṣì le, ẹ kò nílò rẹ̀; bí ẹ bá ti lò ó tán níbẹ̀, kí lẹ máa fi gbé ìṣẹ́jú 60 sí 80, tó ń ni èèyàn lára jù? Etí kan ṣoṣo ni kí ẹ fi gbọ́ orin náà, kí ẹ lè máa fi èkejì gbọ́ ìró mọ́tò.

Ohun tó lè bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀

Ooru ni àkọ́kọ́. Nítorí pé ẹ kò la atẹ́gùn kọjá, òógùn kì í gbẹ lára yín, ó kàn ń ṣàn ni. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 40, ẹ lè rí i pé ọkàn ń lù kíkankíkan sí i bẹ́ẹ̀ sì ni ìyára kò yí padà. Fáànù tó dojú kọ àyà yín tààrà ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń yí lókè àjà. Bí ọkàn bá ṣì ń sáré sí i, ẹ dín ìyára kù ní 0.3 sí 0.5, kí ẹ parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá nu òógùn kúrò: kìlógíráàmù kan tó bá dín, omi lítà kan ni, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mu níbẹ̀. Bí orí bá ń fò yín, tí òtútù ń mú yín nínú ooru, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Òkè ń fà á gan-an. Ẹni tí kò tíì lo ìgòkè rí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀wọ́ mẹ́fà. Kó fi ọ̀wọ́ méjì bẹ̀rẹ̀, kó máa fi ẹyọ kan kún un lọ́sẹ̀, ìyókù kó wà ní 0. Ara á sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá gan nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń dùn bí ẹ ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ẹ fi òkè sílẹ̀ títí yóò fi lọ.

Ẹ̀kẹta ni iná. Bí iná bá lọ, bẹ́líìtì lè dúró gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí ara ṣì ń lọ síwájú. Ẹ so okùn ààbò mọ́ aṣọ yín ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì mọ ibi tí irin ẹ̀gbẹ́ wà láìwò ó. Bí ìró mọ́tò bá yí padà báyìí, ẹ di irin mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí etí pátákó lọ́tùn-ún àti lósì. Ibí nìkan ni mo gbà kí ọwọ́ kan irin. Ẹ má ṣe ro pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé gílóòbù àti fáànù máa gbé e. Mọ́tò ẹ̀rọ ìsáré ń fẹ́ iná púpọ̀, pàápàá nígbà tó bá ń gbéra. Nígbà tí iná bá padà dé, ẹ wo ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó gùn ún, torí àwọn kan máa ń wà lókè síbẹ̀ nígbà tí ojú wọn ń ka 0. Bébà tí ẹ kọ ọ̀wọ́ yín sí ni yóò sọ ibi tí ẹ ti máa bá a lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ kò lè ṣe ni ìsọ̀kalẹ̀. Kì í rọ sísàlẹ̀ ju 0 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni sísáré sọ̀ kalẹ̀ ló ń fa iwájú itan ya jù. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún Máráthọ́ọ̀nù Èkó, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní 2016, máa gba orí Third Mainland Bridge kọjá, afárá sì ní ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ní ibi tó ti ń gòkè. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, Àǹtí ń jáde ní àárọ̀ Sátidé nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀, ó ń sá wọ́ọ́rọ́ gòkè, ó sì ń fi ìṣísẹ̀ kúkúrú sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rin péré la máa ń fún un lórí ẹ̀rọ.